Ẹ̀kọ́ fóònù tí kò gba ṣáájì: bí kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe fẹ́ tú ká, àti bí a ṣe tún un tò

Ìgbà tí kíláàsì náà wọ ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni mẹ́jọ ló forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ àtúnṣe fóònù, gbogbo wọn ló sì ti san owó ẹ̀kọ́ wọn pé kí wọ́n tó jókòó ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni àdéhùn wọn, wákàtí mẹ́ta ní Sátidé, wákàtí mẹ́ta ní Sọ́ńdè. Olùkọ́ wọn mọ iṣẹ́ dáadáa. Ó ti pẹ́ nídìí àtúnṣe fóònù, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì sí ohun tó mọ̀ tó ń fi pamọ́ fún ọmọ ẹ̀kọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ karùn-ún yẹn, ó ní kí oníkálùkù mú fóònù kan tó bàjẹ́ wá láti ilé, kí wọ́n tún un ṣe fúnra wọn. Fóònù mẹ́fà dé. Ẹjọ́ kan náà ni márùn-ún nínú wọn ń rò: kò gba ṣáájì. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ márààrún tú fóònù wọn, wọ́n yọ ẹnu ṣájà, wọ́n fi òmíràn sí i. Ìgbà tí wọ́n dé e padà, méjì péré ló gba ṣáájì. Méjì wà bó ṣe wà. Ìkarùn-ún, tó jẹ́ ti àbúrò ìyá ọmọ ẹ̀kọ́ kan, kò tilẹ̀ tàn mọ́, nítorí bulówà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ti pẹ́ lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ títí àwọn ojú lẹ́ẹ̀dì kéékèèké, níbi tí irin yíyọ́ ti ń lẹ ẹ̀yà mọ́ ọn, fi ṣí kúrò lára rẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹni mẹ́ta kò wá mọ́, wọ́n sì ń béèrè owó wọn.

Olùkọ́ náà pè mí nítorí pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, èmi náà sì ti kọ́ ènìyàn rí. Ó ní kí n wá jókòó sí kíláàsì, kí n wò ó bóyá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ni kò fetí sílẹ̀.

Wọ́n ń fetí sílẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni tábìlì kan, bulówà kan, áyọ́ọ̀nù méjì àti páwà sọ́pùláì kan. Ọ̀gá jókòó sáàárín, àwọn márùn-ún tó kù yí i ká, wọ́n na ọrùn. Ó tú bọ́ọ̀dù jáde, ó fi fulọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa sí i, ó fẹ́ bulówà sí i, ó fi ẹ̀mú gbé ẹnu ṣájà kúrò bí ẹni mú eérú kúrò lórí ẹ̀yinná. "Ṣé ẹ rí i?" Wọ́n ní àwọn rí i. Lóòótọ́ ni wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn, ẹni tí áyọ́ọ̀nù pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù kò lò ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Èyí kò tíì burú tó ohun kejì. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tí fóònù wọn kò gba ṣáájì pé kí ló jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnu ṣájà ló bàjẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gá, ẹnu ṣájà ló sábà máa ń bàjẹ́." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n mítà wà nínú àpò rẹ̀, kò yọ ọ́. Kò pààrọ̀ okùn wò. Kò wo inú ẹnu ṣájà náà pẹ̀lú iná. Nínú gbogbo àwọn márààrún, kò sí ẹnì kan tó wọn ohunkóhun kó tó dá sukudiráfà sí fóònù náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, kò sì jẹ́ àfọwọ́fà àwọn ọmọ ẹ̀kọ́. Ètò ẹ̀kọ́ náà ló bí i. Bí olùkọ́ ṣe tò ó ni pé ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní jẹ́ ti bí a ṣe ń tú fóònù, ìkejì jẹ́ ti ojú fóònù, ìkẹta jẹ́ ti bátìrì, ìkẹrin jẹ́ ti ẹnu ṣájà. Ẹ̀yà ara fóònù ló fi pín ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí oníbàárà tó máa ń gbé fóònù wá kó ní ẹ̀yà báyìí ni kẹ́ ẹ bá mi pààrọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló máa sọ: kò gba ṣáájì, kò tàn, ó ń gbóná, ó ń pa ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ẹnu ṣájà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yóò gbọ́ "kò gba ṣáájì", ọwọ́ rẹ̀ yóò sì lọ tààrà síbi tó kọ́ kẹ́yìn.

Ọmọ iṣẹ́ tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ kì í ní ìṣòro yìí, bí wọn kò bá tilẹ̀ kọ́ ọ ní ètò kankan. Yóò rí fóònù tí kò gba ṣáájì láàárọ̀, tí eruku àpò ló dí i. Yóò rí òmíràn lọ́sàn-án, tí okùn ló já nínú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òmíràn yóò dé tí omi ti wọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀sùn kan lè ní ìdí márùn-ún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gbà á. Ní kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀, wákàtí 60 ni gbogbo ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ san owó fún. Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ti rí wákàtí yẹn kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kò sí bí olùkọ́ ṣe lè dúró de oríire pé fóònù tó yẹ yóò wọlé ní Sátidé tó yẹ. Àfi kó kó àwọn àìsàn náà jọ fúnra rẹ̀, kó sì gbé wọn síwájú wọn.

Nítorí náà, a kò fi kún ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ. A dá ohun tí òun fúnra rẹ̀ wá ń pè ní àpótí àìsàn sílẹ̀. Ó ní páálí kan tó kún fún fóònù àlòkù tí àwọn ènìyàn ti pa tì. Nínú wọn, ó ṣa márùn-ún tí irú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu ṣájà wọn jẹ́ USB-C. Jíjẹ́ irú kan náà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bí ọmọ ẹ̀kọ́ bá wọn èyí tó bàjẹ́, kó rí èyí tó dáa tó máa fi wé e. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àìsàn sí wọn lára, ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn, ó sì kọ ẹ̀sùn kan náà sórí ìwé tó so mọ́ gbogbo wọn: "Kò gba ṣáájì."

Èyí àkọ́kọ́, ó ki òwú àti eruku àpò mọ́ ẹnu ṣájà títí tó fi le koránkorán, tó jẹ́ pé okùn kò lè wọlé tán. Èkejì kò ní àìsàn kankan, okùn tó so mọ́ ọn ló ti já nínú. Ẹ̀kẹta náà kò ní àìsàn, bátìrì rẹ̀ ló ti gbẹ tán pátápátá, tó jẹ́ pé bí a bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó di ìṣẹ́jú mélòó kan kí ohunkóhun tó hàn lójú rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò ti tú u kó tó jí. Mo fẹ́ràn ẹ̀kẹta yìí ju gbogbo wọn lọ, torí ìwà ni ó ń dán wò ju ìmọ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin le díẹ̀. Nínú ẹnu USB-C, yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó ń gbé iná wọlé àti èyí tó lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì wà tí wọ́n ń pè ní CC1 àti CC2, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà tirẹ̀. Nípasẹ̀ wọn ni ṣájà àti fóònù fi ń mọ̀ pé wọ́n ti so pọ̀. Okùn kò ní ju wáyà CC kan lọ, nítorí náà bí o bá ki okùn bọ̀ ọ́, CC1 ló máa bá pàdé. Bí o bá yí i dojú dé, ó di CC2. Olùkọ́ náà gé ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn lórí bọ́ọ̀dù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé pẹ̀lú ṣájà tí orí okùn rẹ̀ méjèèjì jẹ́ C, fóònù náà ń gba ṣáájì bí ìhà kan bá wà lókè, kò sì gbà rárá bí a bá yí i. Irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kì í tú iná sílẹ̀ àyàfi tó bá kọ́kọ́ rí fóònù nípasẹ̀ CC. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń bá àìsàn yìí gbé láìmọ̀, wọn á ní "ó máa ń gbà nígbà mìíràn." Ọmọ ẹ̀kọ́ tó bá gbọ́ "nígbà mìíràn" gbọ́dọ̀ yí okùn wò kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún ni ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé ọ̀nà iná ti kan ọ̀nà tó lọ sílẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé ká kàn fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ so ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀ kan pọ̀ lórí ọ̀nà iná 5 fóòtì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dára fún ẹ̀kọ́. Ojú máa rí lẹ́ẹ̀dì náà lójú ẹsẹ̀, àti pé lẹ́ẹ̀dì tó dí pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná, nítorí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kapásítọ̀ tó ti bàjẹ́ gan-an máa ń gbóná, ìgbóná yẹn la fi ń wá a. Olùkọ́ náà wá lọ ṣa kapásítọ̀ tó ti ṣọ́ọ̀tì látara bọ́ọ̀dù tó ti kú, ó sì fi rọ́pò èyí tó dáa lórí bọ́ọ̀dù kékeré ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnu ṣájà wà. Bí ènìyàn bá wò ó, kò yàtọ̀ sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin ẹ̀kọ́ náà ni pé sukudiráfà wà nínú dúrọ́ọ̀ olùkọ́. Ẹ̀yin méjì ẹ gba fóònù kan, ogún ìṣẹ́jú, ẹ wá sọ ohun tó ń ṣe é àti ohun tó fi hàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ tú fóònù gbọ́dọ̀ wá gba sukudiráfà, kó sì sọ nọ́ńbà tó rí tó fi nílò rẹ̀. "Mo rò pé" kò lè gba sukudiráfà.

Ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni mítà kékeré tí wọ́n ń ki sáàárín ṣájà àti okùn, tó ń fi fóòtì, ìyẹn agbára tí iná fi ń tì, àti áńpìà, ìyẹn ìwọ̀n iná tí fóònù ń mu, hàn. Bí ó bá fi nǹkan bíi 5 fóòtì hàn tí áńpìà jẹ́ 0.00, iná wà ṣùgbọ́n fóònù kò mu ún: okùn lè ti já, ẹnu ṣájà lè ti dí, tàbí kí ọ̀nà kan ti gé nínú. Bí áńpìà bá kéré, bíi 0.1, tó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bátìrì tó gbẹ ló ń mu omi. Bí áńpìà bá ń fò sókè sódò nígbà tí ẹ bá ń mi okùn, ibi tí okùn àti fóònù ti pàdé ni ẹ wò. Bí mítà náà bá ń kú tó ń jí, tàbí tí fóòtì bá já lulẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti ki í bọ̀ ọ́, ṣọ́ọ̀tì ni ẹ fura sí, ẹ sì yọ ọ́ kíá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, wọ́n gbé e kọ́ sí ògiri, mo sì rò pé ó tó fún òpin ọ̀sẹ̀ kan odindi.

Ìpele kejì ló nílò títú. Wọ́n á tú ẹ̀yìn fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì ṣe ni kí wọ́n yọ kọnẹ́tọ̀ bátìrì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí mítà ọwọ́ wọn sí ibi dáyóòdù, ẹnu pupa á wà lára irin tó lọ sílẹ̀, ẹnu dúdú á sì kan ojú tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Mítà á fi nọ́ńbà kan hàn. Lórí bọ́ọ̀dù tó dáa nínú àwọn fóònù tirẹ̀, ọ̀nà iná ṣájà ń fi nǹkan bíi 0.5 hàn. Bí ó bá sún mọ́ 0 pátápátá, ọ̀nà yẹn ti kan ilẹ̀. Bí ó bá fi OL hàn, ọ̀nà ti gé. Bí ó bá jọ ti èyí tó dáa, ẹ má fọwọ́ kan an, àìsàn wà níbòmíràn.

Ìgbà tí mo padà lọ wo ẹgbẹ́ kejì tó kọ́ ọ báyìí, arábìnrin kan tó ju olùkọ́ lọ lọ́jọ́ orí ni fóònù karùn-ún bọ́ sí lọ́wọ́. Mítà kékeré ń kú, ó ń jí. Ó yọ okùn, ó lọ bá olùkọ́.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní sukudiráfà. Ó ti ṣọ́ọ̀tì."

"Kí lẹ fi mọ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Okùn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣájà mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣájà méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ lára fóònù yín."

Ó gba sukudiráfà. Ó tú u, ó yọ bátìrì, ó wọn ọ̀nà iná lẹ́nu ṣájà: 0.003. Ó wọn ti fóònù tó dáa: 0.512. Ibi tí inú mi ti dùn gan-an ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ìbá ti gbé bulówà. Òun yọ okùn pẹlẹbẹ tó so bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá, ó sì tún wọn ìhà méjèèjì. Bọ́ọ̀dù ńlá ti dáa, ìsàlẹ̀ ṣì wà ní 0.003. Pẹ̀lú yíyọ kọnẹ́tọ̀ kan ṣoṣo, ó ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù náà kúrò nínú ẹjọ́.

Olùkọ́ wá fi páwà sọ́pùláì sí 1 fóòtì, ó fi òpin áńpìà sí 2, wọ́n so ó mọ́ ọ̀nà iná náà. Fóòtì kékeré yìí ni ààbò: ọ̀nà tó ń gba 5 fóòtì kò lè rí ìpalára nínú 1. Wọ́n da ọtí ìfọbọ́ọ̀dù díẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù kékeré náà, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo ibẹ̀ tutù, ó ń dán, àyàfi ẹ̀gbẹ́ kapásítọ̀ kan tí ọtí ti gbẹ kúrò lórí rẹ̀ lójú wọn. Wọ́n yọ kapásítọ̀ náà, wọ́n tún wọ̀n, ó di 0.51. Ẹ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní òun ìbá ti ra ẹnu ṣájà tuntun fún fóònù yìí.

Kíkọ́ ọwọ́ wá di ohun tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ìwádìí yìí. Láti òpin ọ̀sẹ̀ kejì, wákàtí tó kẹ́yìn ní Sọ́ńdè jẹ́ ti bọ́ọ̀dù òkú nìkan. Ẹnu ṣájà ni iṣẹ́ tó dára jù fún ìdánrawò, nítorí ó ní ẹsẹ̀ ńlá tó wọ inú bọ́ọ̀dù, ó sì ní ẹsẹ̀ tínńtín tó dúró lé e lórí. Ohun tó ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìgbóná nìkan, fífà ni. Lẹ́ẹ̀dì ilé iṣẹ́ tí kò ní òjé nínú máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 217 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ti èyí tó ní òjé, 63/37, jẹ́ 183. Nítorí náà wọ́n ń kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù da lẹ́ẹ̀dì olójé mọ́ ti àtijọ́ lórí àwọn ẹsẹ̀ ńlá, kí gbogbo rẹ̀ lè yọ́ kíá, wọ́n á wá fẹ́ bulówà. Wọ́n ń fi tépù tí iná kì í jẹ bo ohun oníke tó wà nítòsí. Ẹ̀mú kò gbọ́dọ̀ fa ẹnu ṣájà. Ẹ fi kan án pẹ́ẹ́: bó bá ti fò diẹ̀ tó sì padà jókòó, lẹ́ẹ̀dì ti yọ́ nísàlẹ̀, ẹ gbé e. Bí kò bá mì, ẹ ṣì dúró. Nọ́ńbà tó wà lójú bulówà kì í ṣe ìgbóná tó dé ara bọ́ọ̀dù, bulówà méjì lè wà ní 360 kí wọ́n má ṣe bákan náà, nítorí náà oníkálùkù ń mọ ti bulówà tirẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù òkú. (Fèrèsé ṣí, ẹ má jẹun lórí tábìlì yẹn, ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn òjé. Bátìrì tó ti wú kì í wọ àpótí àìsàn rárá, garawa yanrìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.)

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ló mú iye ọmọ ẹ̀kọ́ wálẹ̀ láti mẹ́jọ sí mẹ́fà. Bulówà kan fún ẹni méjì ni: ọ̀kan ń ṣe é, èkejì ń wo ago ó sì ń kọ ohun tó rí. Bulówà mẹ́ta nìyẹn, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ sì dín kù. Olùkọ́ náà ní òun máa pàdánù. Èmi wo bó ṣe ń ṣírò owó rẹ̀, mo rí i pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà ló wò tó fi dá iye lé e. Kò ṣírò pé Sátidé ni ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù òun ń pa owó jù. Kíláàsì náà kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, wákàtí mẹ́ta iṣẹ́ Sátidé ni ó ń ná an kó tó ra fulọ́ọ̀sì kan. A kọ ohun tí wákàtí wọ̀nyẹn máa ń mú wọlé sílẹ̀, a fi owó lẹ́ẹ̀dì, fulọ́ọ̀sì, tépù, ọtí àti àwọn fóònù àlòkù kún un, a fi owó bulówà méjì tuntun tàn kálẹ̀ sórí ẹgbẹ́ mẹ́ta, a wá pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. Iye tó jáde ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́fà ṣì wá.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n wá, lójú tèmi, ni pé wọn kò ní láti san án pọ̀ mọ́. Ó pín in sí mẹ́ta. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ títú, dídé, wíwọ̀n, ojú fóònù àti bátìrì. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àpótí àìsàn: kò gba ṣáájì, kò tàn, bátìrì ń tètè tán. Mẹ́ta tó kẹ́yìn jẹ́ ti fóònù tí wọ́n bá mú wá láti ìta, lábẹ́ ojú rẹ̀. Owó ìpele kọ̀ọ̀kan ń wọlé kí ìpele náà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ kò ní gbèsè kankan lórí, èyí tí a ti bẹ̀rẹ̀ kì í padà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Fóònù inú àpótí tó bá kú lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni kò jẹ gbèsè. Fóònù tó bá ti ìta wá, ọmọ ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ni ín pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun. Ti àwọn mẹ́ta tó ti lọ, ó dá ìdajì owó wọn padà, ó tún bọ́ọ̀dù fún àbúrò ìyá yẹn láìgba kọ́bọ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ìṣòro kan wà tí kò kúrò nílẹ̀ tán, òun ni ọjọ́ márùn-ún tó wà láàárín. Ohun tí ọwọ́ kọ́ ní Sátidé máa ń wà lára ní Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n bó bá di Sátidé tó ń bọ̀, ọwọ́ ti gbọ̀n, wọ́n ti gbàgbé ẹnu mítà tó yẹ kó wà nílẹ̀. A ní kí oníkálùkù ra mítà tirẹ̀, kó sì mú bọ́ọ̀dù òkú kan lọ sílé, kó wọn ojú mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀, kó kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé. Sátidé kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mọ́. Fóònù kan láti inú àpótí ni wọ́n ń bá lórí tábìlì, wọ́n á jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀gá tó la ẹnu. Ó ran àwọn mẹ́rin lọ́wọ́ gan-an. Àwọn méjì yòókù, iṣẹ́ ọjọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan mítà nílé, ó sì hàn. Ẹni tó bá pàdánù òpin ọ̀sẹ̀ kan ti jìnnà fún ọjọ́ méjìlá, nítorí náà ó ń dúró de ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ láti ṣe ìyẹn, olùkọ́ kò gba kíkọ́ ẹnì kan láàárín ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹgbẹ́ kejì mú fóònù wá láti ìta. Fóònù mẹ́rin nínú mẹ́fà ni kò gba ṣáájì. Ọ̀kan jẹ́ eruku, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi yọ ọ́ pẹ̀lú ìgi tẹ́ẹ́rẹ́, fóònù wà ní pípa. Ọ̀kan jẹ́ ẹnu ṣájà lóòótọ́, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta jẹ́ okùn pẹlẹbẹ inú tó ti gé. Ẹ̀kẹrin, ohun gbogbo wọ̀n dáadáa títí dé bọ́ọ̀dù ńlá, áńpìà sì wà ní 0.00. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀, wọ́n dé e padà, wọ́n ní áísì tó ń darí ṣáájì ni àwọn fura sí, ó ju ọwọ́ àwọn lọ. Olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, òun ló parí rẹ̀ ní Mọ́ńdè, áísì náà ni lóòótọ́. Ohun tí wákàtí 60 lè gbé kò kọjá ibẹ̀. Pípààrọ̀ áísì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, tàbí gbígbé áísì tó jẹ́ ọpọlọ fóònù gan-an kúrò, kò sí nínú rẹ̀, olùkọ́ sì ti ń sọ ọ́ báyìí kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ṣèlérí gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ẹgbẹ́ kẹta ti ń lọ lọ́wọ́, wàhálà tuntun sì ti yọjú. Ọ̀rẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì ni méjì nínú wọn. Ní Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí jáde, ọ̀kan nínú wọn gba fóònù karùn-ún, kò fi mítà kan án, ó ní, "Ọ̀gá, kapásítọ̀ ìsàlẹ̀ ni." Olùkọ́ pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí i. Ó ti ha nọ́ńbà ẹ̀yìn gbogbo wọn kúrò, ó ti dá kapásítọ̀ tó dáa padà sí ìsàlẹ̀, ó sì ti gbé èyí tó bàjẹ́ lọ sórí bọ́ọ̀dù ńlá.